Kuaténíọ̀nù àti Kámẹ́rà Tó Gbójú Sókè: Bí A Ṣe Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Ìhámọ́ Gímbà

Ohun méjì ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa kámẹ́rà inú géèmù tàbí ti fíìmù tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe: ibi tó wà, àti ibi tó kọjú sí. Ibi tó wà kò ní wàhálà. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ń sọ ọ́, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún iwájú àti ẹ̀yìn, kò sì sí ibi tí kámẹ́rà lè dé tí nọ́ńbà wọ̀nyí á ti dàrú. Ibi tó kọjú sí ló le. Nọ́ńbà mẹ́ta náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ òun náà, iṣẹ́ á sì máa lọ geere títí di ìgbà tí kámẹ́rà bá gbójú sókè pátápátá. Nígbà yẹn ni àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lójijì, bẹ́ẹ̀ ohun tí kámẹ́rà ń wò kò sáré rárá.

Nọ́ńbà mẹ́ta yìí ni à ń pè ní igun Euler. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Swítsálándì tó gbé ayé láti 1707 sí 1783, ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Kámẹ́rà tó wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń gbé lọ sóde ìnáwó, ló ń fi wọ́n hàn kedere jù. Igun àkọ́kọ́ ni ìyíjú: ìdí tí kámẹ́rà jókòó lé ń yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, ọ̀pá tó ń yí lé lórí sì nàró ṣánṣán láti ilẹ̀ lọ sókè. Igun kejì ni ìgbójúsókè: kámẹ́rà ń gbójú sókè tàbí kó sọ ojú kalẹ̀, ọ̀pá ìyípo tirẹ̀ sì dùbúlẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì. Igun kẹta ni ìtẹ̀gbẹ́: ibi kan náà ni kámẹ́rà ń wò, àmọ́ ó ń dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́, débi pé ilé tó nàró nínú àwòrán á dà bí èyí tó fẹ́ wó. Ọ̀pá ìyípo ìtẹ̀gbẹ́ gba àárín dígí kámẹ́rà kọjá, ó sì kọjú sí ibi tí kámẹ́rà ń wò gan-an.

Àwọn igun yìí wà nínú ara wọn. Tí ìdí bá yí, ó gbé ọ̀pá ìgbójúsókè yí pẹ̀lú ara rẹ̀. Tí kámẹ́rà bá gbójú sókè, ó gbé ọ̀pá ìtẹ̀gbẹ́ dání lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń wá. Nígbà tí kámẹ́rà ń wo ọ̀kánkán, ọ̀pá ìyíjú nàró, ọ̀pá ìtẹ̀gbẹ́ sì nà síwájú. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Bí kámẹ́rà ṣe ń gbójú sókè ni ọ̀pá ìtẹ̀gbẹ́ ń dìde, tó bá sì di dígírì 90, tí kámẹ́rà ń wo àárín ọ̀run, ọ̀pá ìtẹ̀gbẹ́ náà ti nàró lórí ìlà kan ṣoṣo pẹ̀lú ọ̀pá ìyíjú. Ẹni tó bá yí ìdí, tàbí tó bá tẹ kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun kan náà ló ń ṣe: àwòrán ojú ọ̀run ń yí bí ọwọ́ aago. Igun mẹ́ta ló ṣì wà lórúkọ, ṣùgbọ́n méjì péré ló ń ṣiṣẹ́. Tí ẹyẹ kan bá wá fò láti àárín àwòrán náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sí ìkankan nínú igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ìdí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí dígírì 90 kí ìgbójúsókè tó rí ọ̀nà bá ẹyẹ náà lọ.

Nọ́ńbà á jẹ́ kí èyí hàn sí i. Ká sọ pé ìyíjú jẹ́ 30, ìgbójúsókè 90, ìtẹ̀gbẹ́ 0. Ìdúró kámẹ́rà kan nìyẹn. Tí a bá kọ ìyíjú 0, ìgbójúsókè 90, ìtẹ̀gbẹ́ −30, ìdúró yẹn kan náà ni, kò yẹ̀ ní ìwọ̀n irun. Ìyíjú 50 pẹ̀lú ìtẹ̀gbẹ́ 20 tún gbé wa padà síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìgbójúsókè bá ti wà ní 90, ohun tó kù tí kámẹ́rà ń gbọ́ kò ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyíjú àti ìtẹ̀gbẹ́ lọ, 30 sì ni ìyàtọ̀ náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdúró kan ṣoṣo wá ní orúkọ tí kò lóǹkà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá sì ní kó sọ igun kámẹ́rà yìí á kàn ṣa ọ̀kan nínú wọn ni.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fún àìsàn yìí ni ìhámọ́ gímbà. Gímbà ni òrùka irin tó ń yí lórí ọ̀pá, tí wọ́n máa ń to mẹ́ta rẹ̀ sínú ara wọn kí ohun tó wà láàárín lè dúró síbi kan bí ọkọ̀ tó gbé e bá tilẹ̀ ń yí. Irú rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ Apollo tó gbé àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí òṣùpá. Òrùka mẹ́ta ni ohun èlò tó ń mọ ìhà tí ọkọ̀ náà kọjú sí ní. Tí òrùka àárín bá yí kọjá dígírì 70, iná ìkìlọ̀ á tàn. Tó bá di 85, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á dá ohun èlò náà dúró, àwọn awakọ̀ á sì ní láti fi ìràwọ̀ tún un tò. Nínú ìrìn àjò Apollo 11, ní oṣù Agẹmọ 1969, Michael Collins tó ń wa ọkọ̀ náà yí òṣùpá ká fi àwàdà ní kí àwọn tó wà nílé bá òun fi gímbà kẹrin ránṣẹ́ bí ẹ̀bùn Kérésìmesì. Ìmọ̀ ẹ̀rọ gidi wà nínú ohun tó béèrè: ọkọ̀ Gemini tó ṣáájú Apollo ní òrùka mẹ́rin, ìkẹrin ló sì ń gba àwọn mẹ́ta yòókù lọ́wọ́ ìhámọ́.

Kò sí òrùka irin nínú kọ̀ǹpútà, kò sì sí ohun tó há ní ti gidi. Kámẹ́rà inú géèmù lè kọjú síbikíbi. Orúkọ tí a fún ìdúró rẹ̀ ló ń bàjẹ́, ìyẹn ló sì fà á tí a fi lè wo àrùn yìí sàn láìfi irin kún irin.

Ìbàjẹ́ náà kì í dúró de dígírì 90 gẹ́lẹ́ kó tó farahàn. Ká mú kámẹ́rà kan lórí ilẹ̀ tó ń tẹ̀ lé bàálù. Bàálù náà ń fò ní 1,000 mítà sókè, eré rẹ̀ jẹ́ 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀nà tó sì ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí kámẹ́rà gan-an, mítà 10 péré ló fi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó bá súnmọ́ jù, ìgbójúsókè kámẹ́rà jẹ́ nǹkan bíi dígírì 89.4. Ní ti gidi, ojú tó ń wo bàálù yìí kò ní láti yára. Bàálù rìn ní 100 mítà láti ọ̀nà tó jìn tó 1,000 mítà, nítorí náà nǹkan bíi dígírì 5.7 ni ìwò ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó jókòó lórí àga á fi ojú bá a lọ láìlàágùn.

Ìyíjú kò rí i bẹ́ẹ̀. Òun kò mọ̀ pé bàálù wà lókè réré. Àmì ẹsẹ̀ bàálù lórí ilẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, àmì yẹn sì ń sáré kọjá ní mítà 10 péré sí i. 100 mítà láti ọ̀nà mítà 10: eré ìyíjú di nǹkan bíi dígírì 573 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Nínú géèmù tó ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lé ní dígírì 9 láti àwòrán kan sí èkejì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, láti ìgbà tí bàálù ku mítà 50 kó kan orí kámẹ́rà títí tó fi fi mítà 50 kọjá rẹ̀, ìyíjú ti rin dígírì 157, ìwò fúnra rẹ̀ kò sì rin ju dígírì 6 lọ. Òǹwòran á rí bàálù láàárín àwòrán bó ṣe yẹ, àmọ́ gbogbo ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á pòòyì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí bàálù bá gba orí kámẹ́rà gan-an kọjá, ìyíjú á fo dígírì 180 láàárín àwòrán méjì tó tẹ̀ lé ara wọn.

Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. Kí ẹni tó ń kọ ètò náà jẹ́ kí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa hàn lójú kọ̀ǹpútà bí kámẹ́rà ṣe ń rìn. Tí ìyíjú àti ìtẹ̀gbẹ́ bá fò lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìgbójúsókè sì wà nítòsí 90 tàbí −90, ìhámọ́ gímbà ni. Tí àwòrán bá ń pòòyì níbi tí ìgbójúsókè wà ní 20 tàbí 40, ibòmíràn ni kó lọ wá àṣìṣe rẹ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé tí àwọn bá yí ètò igun padà, kí ìtẹ̀gbẹ́ ṣáájú tàbí kí ìgbójúsókè wà níta, wàhálà á tán. Kò ní tán, ibùgbé rẹ̀ ló máa yí padà. Ìdúró burúkú náà á kúrò ní òkè, á wá sí ọ̀tún tàbí síwájú. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fi hàn pé kò sí bí a ṣe lè fi nọ́ńbà mẹ́ta péré sọ gbogbo ìdúró tó wà láìsí ibì kan tí wọ́n á ti dàrú. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí máàpù ayé: ẹni tó bá dúró ní ìkángun àríwá ayé gẹ́lẹ́ kò ní ìlà-oòrùn, kò ní ìwọ̀-oòrùn, gbogbo ìlà tó ń wọn ibi tí ìlú wà ló ti para pọ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kan tó ṣe ilẹ̀ tó dúró lé. Ẹni tó bá fẹ́ jáde nínú ìhámọ́ yìí gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà kẹrin kún un.

Euler fúnra rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1775. Ó fi hàn pé bó ti wù kí ohun kan ti yí padà tó, ìyípo kan ṣoṣo lórí ọ̀pá kan ṣoṣo tó láti gbé e láti ìdúró àkọ́kọ́ dé ìdúró ìkẹyìn. Ọ̀pá náà lè dagun síbi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò pọn dandan kí a máa ka ìyíjú, ìgbójúsókè àti ìtẹ̀gbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tó kí a sọ ìhà tí ọ̀pá nà sí àti iye dígírì tí a yí. Ohun tó kù ni bí a ṣe máa fi ìṣirò so ìyípo kan mọ́ òmíràn.

Ẹni tó rí i ni William Rowan Hamilton, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń wá bí òun ṣe lè ṣe ìsọdipúpọ̀ àwọn nọ́ńbà tó so pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, kò sì bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀wàrà 1843, bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe ń rìn lẹ́bàá odò àgbẹ́là kan ní Dublin, ó wá sí i lọ́kàn pé mẹ́rin ló yẹ kí wọ́n jẹ́, kì í ṣe mẹ́ta. Ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ òfin náà sára òkúta afárá tí wọ́n ń pè ní Broom Bridge:

i² = j² = k² = ijk = −1

Nọ́ńbà alápá mẹ́rin yìí ni kuaténíọ̀nù. Apá kan jẹ́ nọ́ńbà lásán, tí a ń pè ní w. Mẹ́ta tó kù, x, y àti z, ló ń bá i, j àti k rìn. Fún ìyípo, w ni kósáìnì ìlàjì igun tí a fẹ́ yí, x, y àti z sì ni ìhà ọ̀pá ìyípo tí a ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú sáìnì ìlàjì igun náà. Ìlàjì ni, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni kuaténíọ̀nù ń kan ohun tó bá ń yí, lẹ́ẹ̀kan láti òsì, lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀tún, apá kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe ìlàjì iṣẹ́. Ìyípo tó bá tẹ̀ lé òmíràn di ìsọdipúpọ̀ kuaténíọ̀nù méjì, ètò tí a sì gbà tò wọ́n ṣe pàtàkì: ij jẹ́ k, àmọ́ ji jẹ́ −k. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí kámẹ́rà tó kọ́kọ́ yíjú kó tó gbójú sókè kò ní wà níbi kan náà pẹ̀lú èyí tó ṣe é láti ẹ̀yìn wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìdúró tó lórúkọ púpọ̀ yẹn, ká sì ṣírò rẹ̀. Ìgbójúsókè 90 ní ìlàjì 45, kósáìnì àti sáìnì rẹ̀ sì jẹ́ 0.7071, nítorí náà kuaténíọ̀nù rẹ̀ ni 0.7071 + 0.7071i. Ìyíjú 30 ní ìlàjì 15, kuaténíọ̀nù rẹ̀ sì ni 0.9659 + 0.2588j. Tí a bá fi ìyíjú ṣáájú nínú ìsọdipúpọ̀, a ó rí:

0.683 + 0.683i + 0.183j − 0.183k

Orúkọ kejì fún ìdúró náà ni ìyíjú 0, ìgbójúsókè 90, ìtẹ̀gbẹ́ −30. Kuaténíọ̀nù ìtẹ̀gbẹ́ ni 0.9659 − 0.2588k, ẹ̀yìn ìgbójúsókè ló sì wà. Ẹni tó bá ṣe ìsọdipúpọ̀ náà pẹ̀lú òfin Hamilton, tó rántí pé ik jẹ́ −j, á rí nọ́ńbà mẹ́rin wọ̀nyí gẹ́lẹ́, àmì òdì ibẹ̀ kò yẹ̀. Igun Euler sọ ìdúró kan ní ọ̀nà tí kò lóǹkà. Kuaténíọ̀nù rí i pé ọ̀kan ni. Kò sì sí ohun àrà ọ̀tọ̀ kankan nípa nọ́ńbà yẹn. Èyí tó wà fún wíwo òkè kò yàtọ̀ sí èyí tó wà fún wíwo ọ̀kánkán, a sì lè yí kámẹ́rà láti ibẹ̀ sí ìhà tó bá wù wá.

Nínú iṣẹ́, àǹfààní rẹ̀ máa ń jáde tí a bá jẹ́ kí kámẹ́rà máa fi ìyípo kéékèèké rìn láti ìdúró tó wà, dípò kí a máa ṣírò ìdúró rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo àwòrán. Fún kámẹ́rà tó ń tẹ̀ lé bàálù, a ó wo ìhà tó ń wò báyìí àti ìhà tí bàálù wà, a ó wá ìyípo tó kéré jù tó lè gbé e láti ọ̀kan dé èkejì, a ó sì fi kún ìdúró rẹ̀. Bó ṣe rí nìyí nínú three.js, àkójọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya irú àwòrán yìí sórí ìtàkùn ayélujára:

```
camera.getWorldDirection(iwaju);
afojusun.subVectors(baalu.position, camera.position).normalize();
d.setFromUnitVectors(iwaju, afojusun);
camera.quaternion.premultiply(d).normalize();
```

Nígbà tí bàálù bá wà lórí kámẹ́rà, d kì í ju ìyípo dígírì 0.1 lọ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Kò sí fífò, kò sí pípòòyì. Ọ̀rọ̀ `normalize` tó wà níparí ìlà kẹrin kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Tí a bá sọ w, x, y àti z di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì ro wọ́n pọ̀, 1 ló yẹ kó jẹ́. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ń gé ẹ̀yìn nọ́ńbà kúrò nínú gbogbo ìsọdipúpọ̀, lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán àpapọ̀ náà á ti kúrò ní 1, nǹkan tí kámẹ́rà ń wò sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ tàbí kó sún kì. `normalize` ló ń dá a padà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń yin kuaténíọ̀nù kì í sábà sọ. Lẹ́yìn tí bàálù bá ti kọjá, tó ń lọ sí ìhà kejì, kámẹ́rà tó bá a lọ láìpòòyì á ti dorí kodò: ilẹ̀ á wà lókè àwòrán, ọ̀run á wà nísàlẹ̀. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá gbójú sókè, tó sì ń bá a lọ sẹ́yìn títí, ohun tó máa rí nìyẹn. Ìyípo dígírì 180 tí igun Euler fi ipá ṣe lójijì nígbà tí bàálù wà lókè ṣì jẹ́ gbèsè, kuaténíọ̀nù kò sì fagi lé e. Ohun tó fún wa ni àyè láti yan ìgbà tí a máa san án. A lè jẹ́ kí bàálù lọ jìnnà díẹ̀, kí a wá fi ìtẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ dá àwòrán padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, dígírì 45 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. A sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú géèmù tí bàálù fúnra rẹ̀ ti ń tàkìtì lójú ọ̀run. Lójú tèmi, àǹfààní yìí nìkan tó ìdí láti kọ́ ìṣirò náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí ni pé wọ́n fi kuaténíọ̀nù pamọ́, ṣùgbọ́n igun Euler ni wọ́n ṣì fi ń ronú. Wọ́n á fi ìyíjú àti ìgbójúsókè ṣe ìṣirò, wọ́n á sọ ọ́ di kuaténíọ̀nù níparí, wọ́n á sì máa ṣe kàyéfì pé àìsàn náà kò lọ. Kò lè lọ, nítorí ó ti wọ inú nọ́ńbà kí kuaténíọ̀nù tó dé. Bákan náà ni ti `lookAt`, àṣẹ tó ń ní kí kámẹ́rà wo ibì kan kí orí rẹ̀ sì wà lókè. Tí ibi náà bá wà lórí kámẹ́rà gẹ́lẹ́, kò sí ohun tó ń jẹ́ òkè mọ́ nínú àwòrán, three.js á kàn ti ìhà tí kámẹ́rà ń wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, 0.0001 péré, kí ìṣirò má bàa dúró. Ẹni tó bá tún ka igun láti inú kuaténíọ̀nù, tó fi díẹ̀ kún un, tó sì dá a padà, ti gbé ara rẹ̀ wọ inú ìhámọ́ náà. Tí ìgbójúsókè bá ti kan 90, three.js á pe ìtẹ̀gbẹ́ ní 0, á sì kó gbogbo rẹ̀ sórí ìyíjú.

Àṣìṣe kejì ń ṣẹlẹ̀ sí kámẹ́rà tí a ń fi asin kọ̀ǹpútà darí. Tí gbogbo ìyípo bá ń lọ lórí ọ̀pá ara kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ìtẹ̀gbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè á yọ́ wọlé. Kí kámẹ́rà gbójú sókè dígírì 90, kó yí sósì 90 lórí ọ̀pá tirẹ̀, kó sì tún sọ ojú kalẹ̀ 90: ibi tó ń wò tẹ́lẹ̀ náà ló máa padà máa wò, àmọ́ á ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìwòsàn rẹ̀ rọrùn. Kí ìyíjú máa lo ọ̀pá tó nàró nínú ayé géèmù, kí ìgbójúsókè máa lo ọ̀pá kámẹ́rà, èyí tó túmọ̀ sí pé ìyíjú á wà lápá òsì ìsọdipúpọ̀, ìgbójúsókè á wà lápá ọ̀tún:

```
camera.quaternion.premultiply(qYiju).multiply(qGboju).normalize();
```

Tí a bá fẹ́ kí kámẹ́rà rọra lọ láti ìdúró kan sí òmíràn, ohun tí à ń lò ni slerp, tí Ken Shoemake gbé jáde fún àwọn ayàwòrán kọ̀ǹpútà ní 1985. Igun Euler tó bá ń lọ láti 350 sí 10 lè gba ọ̀nà jíjìn, kó rin dígírì 340 padà sẹ́yìn dípò 20 síwájú. Slerp ń gba ọ̀nà tó kúrú, ní eré kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìṣọ́ra kan wà níbẹ̀. Nítorí ìlàjì igun tí kuaténíọ̀nù ń lò, q àti −q jẹ́ ìdúró kan náà, slerp tí a kò bá ṣọ́ sì lè gba ọ̀nà tó jìn lọ sọ́dọ̀ −q. Kí a kọ́kọ́ sọ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ti èkejì, kí a ro wọ́n pọ̀. Tó bá jẹ́ òdì, kí a yí àmì ọ̀kan padà. `slerp` inú three.js ń ṣe èyí fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń kọ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí.

Ohun méjì ni kuaténíọ̀nù kò lè ṣe. Èèyàn kò lè kà á: kò sí ẹni tó máa wo 0.683, 0.683, 0.183, −0.183 tó máa mọ̀ pé kámẹ́rà ń wo òkè, ìdí nìyẹn tí Unity fi ń tọ́jú ìdúró gẹ́gẹ́ bíi kuaténíọ̀nù ṣùgbọ́n tó ń fi igun han ẹni tó ń lò ó. Kò sì lè yí irin padà. Kámẹ́rà gidi tó wà lórí ẹ̀rọ olóríi mọ́tò méjì, ọ̀kan fún ìyíjú, ọ̀kan fún ìgbójúsókè, ṣì máa nílò eré dígírì 573 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti tẹ̀ lé bàálù wa yẹn. Mọ́tò kẹta tàbí ìkẹrin ló lè gbà á, bí Collins ṣe sọ.

Nítorí náà, ẹni tí géèmù rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀, tí kámẹ́rà kò sì ní ìdí láti kọjá òkè orí, kó fi igun Euler rẹ̀ sílẹ̀, kó dá ìgbójúsókè dúró ní 89, iṣẹ́ rẹ̀ á dára. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ní láti gba òkè kọjá, ìyẹn ti bàálù, ti ọkọ̀ ojú sánmà, ti dúróònù, kó fi kuaténíọ̀nù bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó sì má ṣe ka igun padà láti inú rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ fi han èèyàn.